Ìsọ̀ nínú ọjà orí ayélujára àbí ìkànnì tiyín: bí ẹ ó ṣe fi ìṣirò mọ èyí tó yẹ ọjà yín

Kò sí ọ̀sẹ̀ tí ẹnì kan kì í bi mí ní ìbéèrè yìí: "Ẹ̀gbọ́n, mo fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í tajà lórí ayélujára. Ṣé kí n lọ gbé e sí Jumia ni, àbí kí n ní kí wọ́n ṣe ìkànnì fún mi?" Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó ń béèrè ló ti gbọ́ ìdáhùn méjì tó ń ta ko ara wọn. Ẹni tó ń ṣe ìkànnì fún èèyàn á ní ìkànnì ló dáa jù. Ẹni tí ọjà rẹ̀ ń yá lórí Jumia á ní kí ẹ má wulẹ̀ da ara yín láàmú. Ọjà tiwọn ni àwọn méjèèjì ń sọ, wọn ò tíì wo tiyín.

Àdìrẹ ni mo ń tà, láti Abẹ́òkúta, mo sì ti tà á ní ọ̀nà méjèèjì. Ohun tí mo rí ni pé ẹ lè fi bíírò àti ìwé kan wá ìdáhùn yìí kí ẹ tó ná kọ́bọ̀. Ẹ kàn fẹ́ mọ iye ẹyọ tí ẹ gbọ́dọ̀ máa tà lóṣù kan kí ìkànnì tó ṣe yín láǹfààní ju ìsọ̀ lọ. Tí ẹ bá ti mọ iye yẹn, ẹ ó mọ ibi tí ẹ ó ti bẹ̀rẹ̀, ẹ ó sì mọ ìgbà tó yẹ kí ẹ kúrò níbẹ̀.

## Ohun tí mo pè ní ìsọ̀ àti ohun tí mo pè ní ìkànnì tiyín

Ìsọ̀ ni kí ẹ kó ọjà yín sínú ọjà ẹlòmíì, bíi Jumia tàbí Konga. Àwọn ni oníbàárà mọ̀, àwọn ló ń sanwó fún, àwọn náà ló ń ṣètò bí ọjà ṣe máa dé ọwọ́ rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á yọ lààdá tiwọn, tí wọ́n á sì fi ìyókù ránṣẹ́ sí àkáǹtì yín.

Ìkànnì tiyín ni ṣọ́ọ̀bù tó ń jẹ́ orúkọ yín, tí ẹ̀yin fúnra yín ń gba owó, tí ẹ̀yin náà sì ń wá ẹni tó máa gbé ẹrù.

Jiji kò sí nínú méjèèjì. Ibi ìpolówó ni. Ẹni tó fẹ́ rà á máa pè yín, ẹ ó dúnàádúrà, ẹ ó sì pàdé. Ó dáa fún fìríìjì àlòkù tàbí ẹyọ ohun kan tí ẹ fẹ́ tà kúrò nílẹ̀, ṣùgbọ́n mi ò ní ṣírò rẹ̀ mọ́ àwọn tó kù níbí.

## Ìgbésẹ̀ 1: Ẹ wo bí àwọn oníbàárà ṣe ń wá ọjà yín

Ẹ mú ìwé kan. Ẹ kọ orúkọ àwọn ogún èèyàn tó ra ọjà lọ́wọ́ yín kẹ́yìn, ì báà jẹ́ ní ìta, ní ṣọ́ọ̀ṣì, ní mọ́sáláṣì tàbí lórí WhatsApp. Ní iwájú orúkọ kọ̀ọ̀kan, ẹ kọ ọ̀kan nínú gbólóhùn méjì yìí:

- Ọjà ló ń wá.
- Èmi ló ń wá.

Ẹni tó ń wá ṣájà fóònù kò bìkítà nípa ẹni tó ń tà á. Orúkọ ọjà ló máa tẹ̀, á wo iye owó, á wo ohun tí àwọn tó ti rà á sọ nípa rẹ̀, á sì mú èyí tó wọ́n díẹ̀ tàbí èyí tí kò wọ́n, bí àpò rẹ̀ bá ṣe rí. Irú oníbàárà bẹ́ẹ̀ ti wà nínú ọjà ńlá kí ẹ tó dé ibẹ̀. Ṣùgbọ́n oníbàárà tèmi a máa pè mí pé, "Irú èyí tí ẹ tà fún Ìyá Ìbejì yẹn, ṣé ó ṣì kù?" Èmi lẹni yẹn ń wá. Tí mo bá ní kó lọ rà á lórí ọjà ẹlòmíì, mo kàn ń sanwó lààdá lórí ẹni tó ti ń bọ̀ wá bá mi tẹ́lẹ̀ ni.

Bí "ọjà ló ń wá" bá ju mẹ́rìnlá lọ nínú ogún, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ìsọ̀ ló yẹ kí ẹ kọ́kọ́ gbà. Bí "èmi ló ń wá" bá pọ̀ tó bẹ́ẹ̀, ẹ máa ronú sí ìkànnì. Bí wọ́n bá fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba, ìṣirò inú ìgbésẹ̀ 2 ló máa là yín lójú.

Bí ẹ ò bá tíì ta ọjà fún ogún èèyàn rí, ẹ dúró díẹ̀ ná. Ẹ kọ́kọ́ ta ogún fún àwọn tó wà nítòsí yín. Mo mọ̀ pé ẹ fẹ́ yára, ṣùgbọ́n ẹni tí kò tíì mọ ohun tí oníbàárà máa ń ráhùn lé lórí nínú ọjà rẹ̀ á fi owó ńlá kọ́ ọ lórí ayélujára.

Ohun kan tún wà tí ẹ gbọ́dọ̀ wò. Ìsọ̀ fẹ́ràn ọjà tó jọra. Ẹ ya fọ́tò kan, ẹ kọ àlàyé kan, ẹ sì ta àádọ́ta lórí rẹ̀. Àdìrẹ tí a fi ọwọ́ kọ kì í rí bẹ́ẹ̀. Ẹyọ kan ni ó máa ń jẹ́, bí ẹ bá sì tà á tán, fọ́tò àti àlàyé ti parí iṣẹ́ wọn, ẹ ó tún bẹ̀rẹ̀ òmíì. Bí ẹ ò bá lè kó mẹ́wàá tó rí bákan náà sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, ẹ ó ṣe wàhálà púpọ̀ ní ìsọ̀ fún èrè tí kò tó nǹkan.

## Ìgbésẹ̀ 2: Ẹ ṣírò ohun tó kù lórí ẹyọ kan

Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣìnà. Wọ́n á wo lààdá ọjà ńlá, wọ́n á ní "Háà, wọ́n ń gba owó jù," wọ́n á sáré lọ ṣe ìkànnì. Wọ́n gbàgbé pé ìkànnì náà ń gba owó, pàápàá owó tí ẹ máa fi pe èèyàn wá síbẹ̀. Ojú ọ̀nà ni ìsọ̀ wà, èrò ń kọjá níbẹ̀. Ìkànnì tuntun dà bí ilé tí a kọ́ sínú igbó, ẹ̀yin lẹ máa la ọ̀nà débẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká fi àdìrẹ yáàdì márùn-ún kan ṣe àpẹẹrẹ. Ẹ fi iye owó tiyín rọ́pò tèmi, torí lààdá máa ń yàtọ̀ láti orí irú ọjà kan sí òmíì, ẹ sì gbọ́dọ̀ wo èyí tó kan ọjà yín lójú ìwé àwọn olùtajà kí ẹ tó forúkọ sílẹ̀.

Ká ní ₦18,000 lẹ fẹ́ tà á. Aṣọ funfun, aró àti owó iṣẹ́ jẹ́ ₦11,000. Ọ̀rá àti páálí tí ẹ fi dì í jẹ́ ₦400. Oníbàárà ló ń san owó ìgbẹ́rù ní ọ̀nà méjèèjì.

Ní ìsọ̀:

1. Ká ní lààdá jẹ́ ìdá 15 nínú 100. Ìyẹn ₦2,700.
2. Ká ní ẹnì kan nínú mẹ́wàá máa dá ọjà padà, tí ẹ ó sì pàdánù ₦2,000 lórí rẹ̀, torí ẹ ó tún un lọ̀, ẹ ó tún un dì, nígbà míì ẹ ó sì dín owó rẹ̀ kù. Tí ẹ bá pín in sórí mẹ́wàá, ó jẹ́ ₦200 lórí ẹyọ kan.
3. Ẹ yọ gbogbo rẹ̀: 18,000 − 11,000 − 400 − 2,700 − 200. Ó ku ₦3,700.

Ní ìkànnì tiyín:

1. Paystack, iléeṣẹ́ tó ń bá yín gba owó lórí ìkànnì, ń gba ìdá 1.5 nínú 100 àti ₦100 lórí owó tí wọ́n bá san láti Nàìjíríà. Wọn kì í gba ₦100 yẹn tí owó ọjà kò bá tó ₦2,500, gbogbo ohun tí wọ́n ń gbà kì í sì í ju ₦2,000 lọ lórí ìsanwó kan. Lórí ₦18,000, ó jẹ́ ₦370.
2. 18,000 − 11,000 − 400 − 370. Ó ku ₦6,230.

Ẹ dúró, ẹ má tíì yọ̀. Owó oṣooṣù ìkànnì kò tíì sí nínú rẹ̀. Ká ní orúkọ ìkànnì àti àyè tó ń gbé jẹ́ ₦90,000 lọ́dún, ìyẹn ₦7,500 lóṣù. Ká ní ẹ sì ń ná ₦20,000 lóṣù lórí ìpolówó Instagram àti Facebook. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ ₦27,500 lóṣù, yálà ẹ ta ọjà tàbí ẹ ò tà.

Ẹ wá wo bó ṣe ń yí padà:

- Tí ẹ bá ta 4 lóṣù, owó oṣooṣù yẹn á gbé ₦6,875 lé ẹyọ kọ̀ọ̀kan. Ẹ ó pàdánù ₦645 lórí aṣọ kọ̀ọ̀kan tí ẹ tà.
- Tí ẹ bá ta 10, ohun tó kù lórí ẹyọ kan jẹ́ ₦3,480. Ìsọ̀ ṣì fi díẹ̀ sàn jù.
- Tí ẹ bá ta 25, ó ku ₦5,130 lórí ẹyọ kan. Ìkànnì ti borí pátápátá.

Ẹ kò nílò láti máa dánwò wò báyìí lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹ pín owó oṣooṣù pẹ̀lú ìyàtọ̀ tó wà láàárín ohun tó kù ní ọ̀nà méjèèjì:

```
27500 ÷ (6230 − 3700) = 10.87
```

Ìyẹn 11. Tí ẹ ò bá lè ta àdìrẹ 11 lóṣù lórí ìkànnì, ìsọ̀ ló máa fi owó sí yín lápò.

Ẹ jẹ́ ká ṣe ti ṣájà, kí ẹ lè rí i pé irú ọjà ló ń pinnu. Ẹ rà á ní ₦3,300 ní Computer Village, ẹ fẹ́ tà á ní ₦4,500, ọ̀rá rẹ̀ jẹ́ ₦100. Ká ní lààdá jẹ́ ìdá 10 nínú 100, ó ku ₦650 ní ìsọ̀. Lórí ìkànnì, Paystack á gba ₦167.50, á ku ₦932.50. Ìyàtọ̀ wọn jẹ́ ₦282.50 péré.

```
27500 ÷ 282.5 = 97.3
```

Ẹ ó ta ṣájà 98 lóṣù kí ìkànnì tó ṣàǹfààní! Ìdí nìyẹn tí mo fi máa ń sọ fún ẹni tó ń ta ọjà tí èrè orí rẹ̀ kéré pé kó lọ gba ìsọ̀, kó má jẹ̀ẹ́ kí ẹnikẹ́ni ta ìkànnì fún òun.

Àṣìṣe tí mo máa ń rí jù níbí: àwọn èèyàn kì í ka owó iṣẹ́ tiwọn. Tó bá jẹ́ ẹ̀yin lẹ ń dì í, tí ẹ̀yin ń dáhùn ìpè, tí ẹ̀yin ń gbé e lọ sí gáréèjì, ẹ fi owó kan sí i. Àìjẹ́ bẹ́ẹ̀, ẹ ó rò pé ẹ ń jèrè, ó sì lè jẹ́ owó iṣẹ́ yín lẹ ń jẹ.

## Ìgbésẹ̀ 3: Ẹ wo bó ṣe máa pẹ́ tó kí owó tó dé

Èrè lè dáa lórí ìwé kó má sì sí owó lọ́wọ́ láti fi ra ọjà míì. Ní ìsọ̀, owó yín kì í wọlé lọ́jọ́ tí wọ́n rà á. Ọjà gbọ́dọ̀ dé ọwọ́ oníbàárà, ọjọ́ tí wọ́n dá fún sísanwó fún àwọn olùtajà sì gbọ́dọ̀ pé. Ọjà mìíràn sì wà tó jẹ́ pé ìgbà tó bá dé ẹnu ọ̀nà ni oníbàárà máa ń sanwó. Bí kò bá sí nílé, tàbí tó yí èrò padà, aṣọ yín á padà wá láìmú kọ́bọ̀ dání.

Ká ní ẹ ń ta mẹ́ta lọ́sẹ̀, tó sì ń tó ọ̀sẹ̀ méjì kí owó tó wọlé. Ó túmọ̀ sí pé aṣọ mẹ́fà yín wà níta nígbà gbogbo. Owó tí ẹ ná lórí wọn jẹ́ 6 × ₦11,400, ìyẹn ₦68,400. Bí gbogbo owó tí ẹ fi bẹ̀rẹ̀ bá jẹ́ ₦80,000, ẹ ti há nìyẹn. Lórí ìkànnì, Paystack máa ń fi owó ránṣẹ́ sí àkáǹtì yín ní ọjọ́ iṣẹ́ tó tẹ̀ lé ọjọ́ tí wọ́n sanwó.

Ẹ béèrè ọjọ́ ìsanwó yìí kí ẹ tó gba ìsọ̀. Ẹ kọ ọ́ sí ẹ̀gbẹ́ ìṣirò yín. Ẹni tí owó ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ kéré gan-an lè rí i pé ìsọ̀ tó ń fún un ní ₦3,700 lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì nira fún un ju ọ̀nà tó ń fún un ní ₦3,000 lọ́la lọ.

## Bí ìdáhùn yín bá jẹ́ ìsọ̀

1. Ẹ tọ́jú ìwé yín. Wọ́n á béèrè ohun tó fi yín hàn àti àkáǹtì ilé ìfowópamọ́ tó bá orúkọ yín mu. Bí ẹ bá ti forúkọ òwò yín sílẹ̀ ní CAC, ó máa ń jẹ́ kó yá. Ẹni tó ń ta oúnjẹ, ìpara tàbí ọṣẹ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ parí ọ̀rọ̀ NAFDAC.
2. Ẹ yan ọjà mẹ́ta péré tí ẹ lè kó mẹ́wàá mẹ́wàá sílẹ̀. Ẹ má kó gbogbo igbá àti àwo yín síbẹ̀.
3. Ẹ ya fọ́tò nítòsí fèrèsé láàárọ̀, kí ẹ sì pa iná yàrá.
4. Ẹ kọ ohun tó lè fa ìjà sínú àlàyé: bó ṣe gùn tó, irú aṣọ tó jẹ́, bó ṣe máa ṣe nínú omi.
5. Ẹ máa dín iye tó wà lórí ìsọ̀ kù ní kété tí ẹ bá ta ọ̀kan níbòmíì. Tí ẹnì kan bá ra ohun tí kò sí mọ́, ẹ̀yin ni ọjà ńlá máa dá lẹ́bi, ìsọ̀ yín á sì bẹ̀rẹ̀ sí í wọ̀lẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n dúró díẹ̀ lórí ìkẹta àti ìkẹrin, torí mo fojú rí màbo níbẹ̀. Fọ́tò àdìrẹ mi àkọ́kọ́, inú pálọ̀ ni mo ti yà á lálẹ́, lábẹ́ gílóòbù tí iná rẹ̀ pọ́n. Aró tó dúdú bí ọ̀run òru jáde nínú fọ́tò bí àwọ̀ ewé tó ń rọ. Mẹ́ta nínú mẹ́jọ tí mo kọ́kọ́ tà ló padà wá, ọ̀rọ̀ kan náà ni wọ́n sì kọ sí i: "Kì í ṣe àwọ̀ tí mo rí nìyí." Òótọ́ ni wọ́n sọ. Mo gbé aṣọ kan náà sí ẹ̀gbẹ́ fèrèsé ní aago mẹ́jọ àárọ̀, mo tún un yà, ìdápadà nítorí àwọ̀ sì dáwọ́ dúró.

Ẹ̀ẹ̀kan náà, obìnrin kan pè mí pẹ̀lú ìbínú pé aṣọ mi ti ba aṣọ funfun ọmọ òun jẹ́ nínú omi. Aró a máa ṣí ní ìfọ̀ àkọ́kọ́, gbogbo wa ní Ìtòkú la mọ̀ bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ẹni tó wà ní Kánò kò mọ̀. Láti ọjọ́ yẹn ni mo ti ń kọ ọ́ sínú àlàyé, tí mo sì ń so bébà kékeré mọ́ aṣọ: "Ẹ fọ̀ ọ́ lọ́tọ̀ ní ìgbà méjì àkọ́kọ́."

Ìkìlọ̀: Ẹ má fi káàdì tó ní nọ́ńbà fóònù yín sínú páálí láti fa oníbàárà ọjà ńlá wá sọ́dọ̀ yín. Ó máa ń lòdì sí òfin wọn, wọ́n lè ti ìsọ̀ yín. Ohun tí ẹ lè ṣe ni kí ẹ rán orúkọ òwò yín mọ́ etí aṣọ, bí ẹni tó ń ránṣọ ṣe máa ń ṣe. Ara ọjà ni ìyẹn. Ẹni tó bá fẹ́ràn rẹ̀ á wá yín rí.

Ẹ má sì fọkàn sí i pé ìsọ̀ á wà títí láé. Ní 2019, Jiji ra OLX Nàìjíríà, tó jẹ́ ibi ìpolówó bíi tirẹ̀, àwọn tí OLX ti mọ́ lára sì ní láti bá ibòmíì lọ. Nígbà tí Jumia pa ẹ̀ka oúnjẹ rẹ̀ dé ní òpin 2023, bákan náà ló rí fún àwọn olóúnjẹ tó wà lórí rẹ̀. Ẹ tọ́jú fọ́tò àti àlàyé gbogbo ọjà yín sínú fóònù tàbí kọ̀ǹpútà tiyín.

## Bí ìdáhùn yín bá jẹ́ ìkànnì tiyín

1. Ẹ ra orúkọ ìkànnì fúnra yín. Ì báà jẹ́ .com tàbí .com.ng, ímeèlì yín àti nọ́ńbà yín ni kí ẹ fi rà á. Ẹni tó bá yín ṣe ìkànnì lè ràn yín lọ́wọ́, ṣùgbọ́n ọwọ́ yín ni ọ̀rọ̀ aṣínà gbọ́dọ̀ wà. Mi ò ṣe bẹ́ẹ̀ nígbà àkọ́kọ́. Ọmọkùnrin tó ṣe é fún mi fi ímeèlì tirẹ̀ forúkọ sílẹ̀. Nígbà tí ọdún yí po, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni ìránnilétí lọ, ó ti yí nọ́ńbà padà, èmi ò mọ nǹkan kan. Orúkọ náà bọ́, ẹlòmíì rà á, mo sì ti tẹ orúkọ yẹn sára igba lébẹ́ẹ̀lì. Ọdún kan gbáko ni mo fi ń tú u kúrò lára aṣọ.
2. Ẹ kó ọjà mẹ́jọ sí méjìlá síbẹ̀, kó tó. Ẹni tó ní ọjà díẹ̀ lè lo WooCommerce, irinṣẹ́ fún títajà lórí ìkànnì, tó jẹ́ ọ̀fẹ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹ ṣì máa sanwó àyè tí ìkànnì ń gbé.
3. Ẹ kọ owó ìgbẹ́rù sílẹ̀ fún ìlú kọ̀ọ̀kan. Ẹ má kọ "a ó jọ sọ ọ́". Oníbàárà tó ti yan aṣọ tán, tó wá rí i pé kò sí iye kan pàtó, á kúrò níbẹ̀. Láti Abẹ́òkúta, mo ní iye fún Èkó, iye fún Ìbàdàn, iye kan fún àwọn ìlú ilẹ̀ Yorùbá tó kù, àti iye kan fún òkè ọya. Tí mo bá fi ẹrù ránṣẹ́ ní gáréèjì, mo máa ń ya fọ́tò nọ́ńbà ọkọ̀ àti ìdì ẹrù, mo sì máa ń fi í ránṣẹ́ sí oníbàárà kí ọkọ̀ tó gbéra.
4. Ẹ dín fọ́tò kù. Kí fọ́tò kan má ju 200 KB lọ. Ìdánwò rẹ̀ rọrùn: ẹ lo dátà fóònù ẹlòmíì, ẹ ṣí ìkànnì, ẹ ka oókan dé aàrún. Bí fọ́tò àkọ́kọ́ kò bá tíì jáde, oníbàárà ti lọ.
5. Ẹ ra ọjà lọ́wọ́ ara yín. Ẹ gbé ọjà ìdánwò ₦100 síbẹ̀, ẹ fi káàdì rà á, ẹ tún fi ìfowóránṣẹ́ rà á. Ẹ wò ó bóyá ímeèlì wọlé, bóyá owó dé àkáǹtì yín ní ọjọ́ iṣẹ́ kejì. Ẹ má polówó kí èyí tó yọrí.

Ìkìlọ̀: Àwọn oníbàárà kan á ní àwọn ò fẹ́ sanwó lórí ìkànnì, pé kí ẹ fún àwọn ní nọ́ńbà àkáǹtì. Kò burú. Ṣùgbọ́n ẹ má gbé ọjà jáde torí pé ẹ rí àtẹ̀jíṣẹ́ pé owó wọlé, ẹ má sì gba fọ́tò rìsíìtì gbọ́. Àtẹ̀jíṣẹ́ ayédèrú pọ̀ nígboro. Ẹ ṣí áàpù ilé ìfowópamọ́ yín, ẹ wo iye tó wà nínú àkáǹtì, ìgbà yẹn ni kí ẹ tó pe ọlọ́kadà.

## Ọ̀nà kẹta, tó jẹ́ ibi tí mo máa ń ní kí ọ̀pọ̀ bẹ̀rẹ̀

Bí ìwé orúkọ yín bá fi hàn pé ẹ̀yin ni wọ́n ń wá, ṣùgbọ́n tí ẹ ò tíì lè ta 11 lóṣù, ẹ má ṣe ìkànnì síbẹ̀. Ẹ gba áàpù WhatsApp Business, ọ̀fẹ́ ni, ó sì ní ibi tí ẹ lè to ọjà sí pẹ̀lú fọ́tò àti iye owó. Ẹ ṣí ojú ìwé ìsanwó lórí Paystack, wọn kì í gba owó oṣooṣù, kìkì ohun tí wọ́n ń yọ lórí ọjà tí ẹ bá tà. Ẹ wá lẹ líǹkì ìsanwó mọ́ ọjà kọ̀ọ̀kan.

Owó àyè ìkànnì ti kúrò nìyẹn, ìpolówó ₦20,000 ló kù. Ẹ tún ìṣirò ṣe:

```
20000 ÷ (6230 − 3700) = 7.9
```

Ó ti dín sí 8. Bí ẹ bá sì ń tà fún àwọn tó mọ̀ yín láìpolówó rárá, ẹyọ kan péré ti tó. Àléébù rẹ̀ ni pé ẹ̀yin lẹ ó máa dáhùn gbogbo ọ̀rọ̀. Bí ọ̀rọ̀ tó ń wọlé bá ti ju ohun tí ẹ lè dáhùn kí ilẹ̀ tó ṣú lọ, àmì nìyẹn pé ìkànnì ti yá.

Ẹ̀yin tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù tàbí Amẹ́ríkà tí ẹ fẹ́ ta àdìrẹ tàbí ìlẹ̀kẹ̀ lórí Etsy, ìṣirò kan náà ni. Wọ́n ń gba $0.20 lórí ọjà kọ̀ọ̀kan tí ẹ bá gbé síbẹ̀ fún oṣù mẹ́rin, àti ìdá 6.5 nínú 100 nígbà tí ẹ bá tà á. Ẹ má gbàgbé pé wọ́n ń ka owó ìgbẹ́rù mọ́ ohun tí wọ́n ń yọ ìdá 6.5 yẹn lára, owó ìsanwó sì tún wà lọ́tọ̀.

## Ìgbà tó yẹ kí ẹ kọjá láti ibì kan sí ibòmíì

Ẹ má kúrò ní ìsọ̀ nítorí oṣù kan tó dáa. Oṣù Kejìlá máa ń tan èèyàn jẹ, gbogbo ènìyàn ló ń raṣọ. Ẹ dúró dìgbà tí ẹ bá ní gbogbo èyí:

- Iye tí ìṣirò yín fún yín ti pé fún oṣù mẹ́ta léra wọn, láìka oṣù ọdún mọ́ ọn.
- Ó kéré tán, ẹni mẹ́rin nínú mẹ́wàá tó rà lóṣù yìí ti rà rí.
- Ẹ ní owó ìkànnì àti ìpolówó oṣù mẹ́ta lọ́wọ́, tí kì í ṣe owó ọjà.
- Ẹnì kan wà tó lè di ẹrù bí ara yín ò bá yá.

Bí ẹ bá sì ti ṣe ìkànnì, ẹ má pa ìsọ̀ dé lọ́jọ́ kan náà. Ẹ pín ọjà sí méjì. Ní tèmi, àdìrẹ aláró méjì tí a lè ṣe ogún rẹ̀ bákan náà ṣì wà ní ìsọ̀, torí àwọn tí kò mọ̀ mí rí ló ń rà á. Èyí tí a bá fi ìyẹ́ adìyẹ kọ, tó jẹ́ ẹyọ kan ṣoṣo, orí ìkànnì ló ń lọ tààrà. Ọjọ́ kìíní oṣù kọ̀ọ̀kan ni mo máa ń tún ìṣirò ṣe, torí lààdá lè yí padà, owó aró àti aṣọ funfun sì ń yí padà ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ní oṣù tí aṣọ funfun wọ́n sí i, ọjà méjì ni mo gbé kúrò ní ìsọ̀ lọ́jọ́ yẹn gan-an, torí ohun tó kù lórí wọn kò tó owó ọkọ̀ mi lọ sí ibi tí a ti ń já ẹrù sílẹ̀.